Ṣé "ìmúdọ́gba máàkì" ló yẹ ká máa pè é?

Atúmọ̀ èdè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé ìlànà kan fún àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn tí àwọn mẹ́ta bá ti fọ̀rọ̀ wá àwọn olùwáṣẹ́ kan náà lẹ́nu wò, tí kálukú ti kọ máàkì, wọ́n á jókòó ìpàdé kí 3 ọwọ́ ẹnìkan lè jẹ́ 3 lọ́wọ́ ẹnìkejì. "Ìmúdọ́gba máàkì" ni mo pè é. Ṣé ó tọ̀nà?

Agbanisíṣẹ́:
Kò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà sì lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ "ìmúdọ́gba" kó tó wọ ìpàdé á ti gbà pé iṣẹ́ òun ni kí máàkì òun sún mọ́ ti àwọn yòókù. Ó fún ènìyàn ní 2, ó rí 4 àti 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ló bá ní, "Ó dáa, ẹ kọ 3 fún mi." Máàkì ti sún, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó sún un.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Àwọn mẹ́ta jókòó nínú yàrá kan náà, wọ́n gbọ́ olùwáṣẹ́ mẹ́rin, A, B, D àti E. Bí kálukú ṣe ń yanjú ìṣòro ni wọ́n ń wọ̀n, láti 1 dé 5. Ẹni àkọ́kọ́ fún wọn ní 2, 3, 2, 1. Ẹnìkejì fún wọn ní 4, 5, 4, 3. Ẹnìkẹta ní 3, 2, 4, 3.

Ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnìkejì kò bára wọn jà rárá. Ọwọ́ ọ̀kan le, ọwọ́ èkejì rọ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe to àwọn olùwáṣẹ́ tẹ̀ léra kò yàtọ̀. Ti ẹnìkẹta ni ẹjọ́ wà: ẹni táwọn méjì gbé sókè jù, òun ló gbé e sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọwọ́ líle, nǹkan mìíràn ló ń wọ̀n.

Oníṣirò:
Ẹ má bínú, ẹ ti sọ ọ́ di ńlá. Ìṣirò lásán ni. Ẹ wá ìpíndọ́gba máàkì ẹnìkọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 2, ti ìkejì 4, ti ìkẹta 3. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tó kọ. Líle àti rírọ̀ ọwọ́ ti pòórá nìyẹn. "Ìyọlekoko" ni mo dá lábàá.

Agbanisíṣẹ́:
Ọ̀gá mi, òótọ́ ni pé líle ọwọ́ á pòórá. Ẹ wá lọ ro B àti D pọ̀. Kí ẹ tó yọ nǹkan kan, B ní 3, 5, 2, àròpọ̀ ẹ̀ 10. D ní 2, 4, 4, òun náà 10. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́, B á ní 1, 1 àti 1 tó dín. D á ní òdo, òdo àti 1. Wọ́n ṣì dọ́gba. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbàkígbà tí gbogbo olùbéèrè bá wọn gbogbo olùwáṣẹ́: iye kan náà lẹ ń yọ lára àròpọ̀ kálukú, ipò ẹnikẹ́ni kò ní yí. Tó bá sì jẹ́ pé olùwáṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kálukú rí, ìpíndọ́gba tó kéré lè túmọ̀ sí pé àwọn tó já lé e lọ́wọ́ ni kò mọ iṣẹ́.

Olùkọ́:
Nílé ẹ̀kọ́, "àtúnmáàkì" là ń pe irú èyí. Bí máàkì olùkọ́ méjì bá jìnnà síra, a ó gbé ìwé ìdánwò fún ẹnìkẹta kó kà á lọ́tun. Kí ló dé tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀?

Agbanisíṣẹ́:
Ẹ̀yin ní ìwé tẹ́ ẹ lè tún kà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti lọ, ohun tí olùbéèrè kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ló kù. Ìdí nìyí tí kálukú fi gbọ́dọ̀ fi máàkì àti àkọsílẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ kó tó rí ti ẹlòmíì, tí ọ̀gá àgbà sì fi gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ dá 5, ẹ ò tún ní gbọ́ 2 lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Àyè tí máàkì ti jìnnà síra jù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í bi èèyàn pé "kí ló dé tó o fún un ní 2?", torí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara ẹ̀. "Ka ohun tó o kọ fún wa" ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á wá gbé e síwájú ìwé òṣùwọ̀n. Nínú àpẹẹrẹ wa, 3 ni ti ẹni tó yanjú ìṣòro lẹ́yìn tí wọ́n ta á lólobó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. 4 ni ti ẹni tí kò gba olobó. 5 ni ti ẹni tí kò gba olobó tó tún rí àṣìṣe nínú ìbéèrè náà fúnra ẹ̀.

Wọ́n ka ti D. Gbogbo wọn kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ta á lólobó. Ẹni àkọ́kọ́ ka olobó sí ìkùnà, ẹnìkejì fojú fò ó, ẹnìkẹta kọ "ó ṣàlàyé dáadáa", bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ sísọ nìyẹn jẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sórí 3. Wọ́n wá ka ti B. Kò gba olobó kankan. Ẹnìkẹta kọ "ó dákẹ́ pẹ́ kó tó dáhùn", òun ló sì fi fún un ní 2. Kò síbi tí ìdákẹ́ wà nínú òṣùwọ̀n náà, ó gbé e sí 4. Ẹni àkọ́kọ́ náà gbé tiẹ̀ sí 4. Àmọ́ ẹnìkejì nìkan ló kọ ọ́ pé B sọ pé iye kan nínú ìbéèrè kò bá èkejì mu. Àwọn tó kù kò ní in lákọsílẹ̀, wọn ò sì rántí. Torí náà 4, 5, 4 ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n kọ ìdí ẹ̀, wọ́n sì fi máàkì àkọ́kọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun.

Ẹ rí i pé B àti D tí wọ́n jọ ní 10 ti di 13 àti 9, máàkì B kò sì dọ́gba. Iṣẹ́ náà ti parí síbẹ̀. "Ìsọ-òṣùwọ̀n-dọ̀kan" ni mo fara mọ́: òṣùwọ̀n là ń sọ di ọ̀kan, kì í ṣe máàkì.

Onígírámà:
Ẹ ṣeun, àlàyé yìí yé mi ju orúkọ tẹ́ ẹ fún un lọ. "Dọ̀kan" ṣì ń ti èèyàn sọ́dọ̀ ìṣọ̀kan, ewu tẹ́ ẹ rí lára "dọ́gba" kò tíì kúrò tán. Mo rò ó pé "ìfòṣùwọ̀nwéra" á sàn: kálukú gbé òṣùwọ̀n ẹ̀ wá, wọ́n fi wéra. Ó tún yá lẹ́nu.

Agbanisíṣẹ́:
Ó yá lẹ́nu lóòótọ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé èèyàn lè fi òṣùwọ̀n wéra, kó rí i pé tòun yẹ̀, kó sì gbé e padà sílé bẹ́ẹ̀. Ìtúnṣe ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Atúmọ̀ èdè:
Mo ti yọ "ìmúdọ́gba" kúrò. Màá lo "ìfòṣùwọ̀nwéra" fún ìpàdé náà, màá sì kọ "àtúnṣe òṣùwọ̀n" sórí abala tí wọ́n ti ń yí máàkì padà. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbé méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí ìwé tó wọ ilé ìtẹ̀wé.