Kí là ń pe àwàdà tó ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ lábẹ́ sítétọ́ọ̀sì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Mókọ́lá kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mo ń túmọ̀ ìwé kékeré kan fún àwọn ọ̀dọ́. Ibì kan níbẹ̀ dá lórí ẹni tó rí sítétọ́ọ̀sì ẹni tó ń wù ú lórí Wásáàpù, tó fi àwàdà fèsì, tí ọ̀rọ̀ gidi sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "èsì aláwàdà sí ìtàn àfẹ́sọ́nà." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kà á, ó ní ohun tó yé òun ni pé wọ́n ń fi ìyàwó ojú ọ̀nà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu.

Atúmọ̀ Abẹ́òkúta fèsì:

Ẹ̀gbọ́n rẹ kà á dáadáa. Àfẹ́sọ́nà ni ẹni tí ilé méjèèjì ti mọ̀ sí, tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹni tí ìwọ ń sọ kò tíì mọ̀ pé ẹnì kan ń ro òun. Olólùfẹ́ náà kọ́, torí ẹni méjì ló ń jẹ́ olólùfẹ́ ara wọn. O ti lo gbólóhùn tó yẹ nínú ìbéèrè rẹ láìfura: "ẹni tó ń wù ú." Wo bí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá ní "mo fẹ́ ẹ", èmi ni mo ń fẹ́, mo ti pinnu. Tí mo bá ní "ó wù mí", òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan. Bó ṣe ń rí lára èèyàn gan-an nìyẹn. Má ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un.

"Ìtàn" náà kò bá a mu. "Sítórì", orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún nǹkan náà, lo túmọ̀, o ò túmọ̀ nǹkan náà. Ìtàn a máa pẹ́ nílẹ̀, ọmọ a gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá. Eléyìí jẹ́ àwòrán tàbí fídíò tí yóò pòórá lẹ́yìn wákàtí 24. Láti ọdún 2017 tí Wásáàpù ti gbé tiẹ̀ jáde, sítétọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé ń pè é, ó sì ti di tiwa. Bó bá jẹ́ pé Yorùbá pọ́ńbélé lo fẹ́, "àfihàn òòjọ́" lè ṣe é, bí a ṣe ń sọ pé oúnjẹ òòjọ́. Èsì yẹn fúnra rẹ̀ ló ṣòro. Mo ṣì ń rò ó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú fèsì:

Kí lẹ tún ń rò? Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́: àrokò. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́, bí ọmọge kan bá wu ọ̀dọ́mọkùnrin, yóò so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀fà nìyẹn, ó túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn mọ́ ọmọge, mẹ́jọ ni yóò fi ránṣẹ́ padà. Ẹ̀jọ nìyẹn, pé èrò wa jọ. Ẹ ò rí i pé eré ọ̀rọ̀ ni, tí wọn ò sì dárúkọ ìfẹ́ rárá? Mo dábàá "àrokò ẹ̀fẹ̀". Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ kọ "ìfẹ̀fẹ̀fèsì".

Ará Kétu fèsì:

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Nàìjíríà, ẹ rọra mú ẹ̀fẹ̀ o. Lọ́dọ̀ wa níbí, Ẹ̀fẹ̀ ló ń jáde lóru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lójú ọ̀sán. Ó ń súre, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ a máa na oníwà burúkú lójú gbogbo ìlú. Ẹni tí orin yẹn bà kì í fẹ́ rí akọrin náà sójú. Bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fi ẹ̀fẹ̀ fèsì fún ọmọbìnrin, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó bú u. Ẹ lo àpárá. Àpárá rọ̀ ju ẹ̀fẹ̀ lọ.

Màmá Ìbejì fèsì:

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀nà jíjìn lẹ ń tọ̀. Èsì tí ọmọbìnrin ń fún ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ìjọ́hẹn la bá wọn ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní ìṣíhùn. Nígbà tèmi, alárinà ni bàbá àwọn ìbejì rán sí mi, ìyá kan tó ń ta aṣọ ládùúgbò wa. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ pé mò ń rò ó. Lọ́jọ́ tí mo sọ pé mo ti gbọ́, ìyá yẹn fò sókè, ó ní mo ti jọ́hẹn. Ẹ kọ ìjọ́hẹn síbẹ̀.

Atúmọ̀ Abẹ́òkúta fèsì:

Ẹ ṣeun, Màmá. Ìjọ́hẹn dára, àmọ́ òpin ọ̀nà ló wà, níbi tí ẹni méjèèjì ti mọ ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ wa ń béèrè. Èsì tó ń sọ yìí, ẹni tí nǹkan wù ló ń fún ẹni tó wù ú, kì í ṣe pé ẹnì kan ti bi í ní nǹkan. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ alárinà tẹ́ ẹ mú wá là mí lójú. Kò sí ìyá aláṣọ lórí Wásáàpù. Àwòrán yẹn ló dúró bí alárinà: ó fún èèyàn ní ohun tí yóò bá a sọ láìjẹ́ pé ó ń yọjú lásán. Bí èsì bá sì wọlé, ẹni tó gbé àwòrán náà síbẹ̀ nìkan ló ń rí i, pẹ̀lú àwòrán náà lókè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igba èèyàn ló wo sítétọ́ọ̀sì ọ̀hún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, òótọ́ lo sọ nípa ẹyọ mẹ́fà àti mẹ́jọ. Ibi tí mi ò ti bá ọ lọ ni pé ọmọge tó rí ẹyọ mẹ́fà ti mọ ohun tí wọ́n ń wí, ó kù kó gbà tàbí kó kọ̀. Èsì aláwàdà kò tíì bèèrè nǹkan kan. Bí kò bá wọlé, kò sẹ́ni tójú tì.

Ti Ará Kétu ló jinlẹ̀ jù lójú mi, ṣùgbọ́n mo rò pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú rẹ̀. "Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀": òun ni irinṣẹ́, èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín. "Mo bá a ṣẹ̀fẹ̀": àwa méjèèjì la jọ wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà láàárín "fi" àti "bá".

Ọmọ àbúrò mi kan fi fóònù rẹ̀ hàn mí lóṣù tó kọjá. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wọn ń wù ú. Obìnrin náà gbé àmàlà tó rò sórí sítétọ́ọ̀sì, kókó kún inú rẹ̀, ó kọ "mo gbìyànjú" sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ wa fèsì pé, "Ṣé àmàlà nìyí àbí àpáta Olúmọ?" Obìnrin náà fi ojú ẹ̀rín kan ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún gbé òmíràn síbẹ̀, orógùn rẹ̀ ti kán sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ wa kọ ọ́ pé, "Orógùn yìí ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ta ló ń kọ́ ọ, ká bẹ̀ ẹ́ kó gba akẹ́kọ̀ọ́ kejì?" Èsì dé kíá: "Ìyá mi àgbà n'Ísẹ́yìn ni. Wọn kì í gba ẹni tí kò mọ èlùbọ́ kù." Ọmọ wa ní òun ò mọ̀ ọ́n kù, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé asẹ́ tí ìyá àgbà ń lò, ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé orí ọdún tó gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó fi di òru, wọn ò rántí àmàlà mọ́.

Èsì àkọ́kọ́ jẹ́ ti "fi". Ọwọ́ obìnrin náà ló ń bù kù, bó sì ṣe ní "ṣé" níbẹ̀, kò sí ìdáhùn kankan tó ń retí. Ìkejì jẹ́ ti "bá". Ó rí orógùn, tí ẹlòmíràn lè má kíyè sí, ó ka ara rẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì béèrè pé "ta". Èèyàn lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ parí ọ̀rọ̀ "ṣé". "Ta" ń fẹ́ orúkọ, orúkọ a sì máa fa ìtàn lẹ́yìn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni àgò. Ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà onílé, "àgò o" ló ń ké, kò tíì sọ ohun tó bá wá. Bí onílé bá fẹ́, yóò ní "àgò yà", àlejò á wọlé, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àgò àpárá", ká sì máa sọ pé ó fi àpárá kágò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú fèsì:

Àgò kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìtẹríba ni. Àwọn èèyàn wa ní Bùràsíìlì àti Kúbà ń fi tọrọ àyè nílé òrìṣà títí dòní. Ṣé ó yẹ ká fà á wá sídìí ọ̀rọ̀ ọmọge lórí fóònù?

Ará Kétu fèsì:

Ó yẹ. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná gba àárín èrò kọjá ń ké àgò. Àgò kì í ṣe ti ojúbọ nìkan, ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn yà fún òun ló ni ín. Ó sì jẹ́ kí a rántí pé onílé lè má dáhùn, kí àlejò sì padà sẹ́yìn láìjà ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni ìjọ́hẹn àti àrokò kò sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mókọ́lá fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti tún un kọ: "Ó fi àpárá kágò lábẹ́ sítétọ́ọ̀sì ẹni tó ń wù ú." Mo kà á sétí ẹ̀gbọ́n mi láìṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé onítọ̀hún yà fún un?" Mo mọ̀ pé ó yé e. Ó wá bi mí ní nǹkan tí mi ò lè dáhùn: bí ẹni náà bá fi ojú ẹ̀rín nìkan ránṣẹ́, ṣé àgò yà nìyẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú fèsì:

Bí ẹ bá fi dandan lé àgò, ó yà fún un nìyẹn. Èsì ni èsì ń jẹ́.

Màmá Ìbejì fèsì:

Rárá o. Ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú yàrá tí kò ṣílẹ̀kùn, ìta lo ṣì wà.

Ará Kétu fèsì:

Màmá, ẹ fún un láyè díẹ̀. Bí èèyàn bá kágò lẹ́nu ọ̀nà wa, ìyá mi a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lórí ìjókòó kí wọ́n tó dìde.