«Boro» ló dà á rú: ta ló jẹ gbèsè?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kọ ọ́ sí mi pé: «Mo ti boro Ìyá Ìbejì ní tẹ́ń taosáńdì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bífọ̀ míítìn.» N kò mọ ẹni tó jẹ gbèsè nínú àwọn méjèèjì. Báwo ni mo ṣe lè bi í kó má baà rò pé mò ń fín òun níràn?

Olùkọ́ èdè: «Mo yá a lówó» ni pé owó kúrò lọ́wọ́ mi, «mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀» ni pé ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. «Yá» kan náà ni, «lówó» àti «lọ́wọ́» ló ń là á. Nígbà tí «boro» gba ipò «yá», kò mú ìkankan dání nínú wọn. Nítorí náà, ẹ má fi «yá» tàbí «boro» bi í rárá. Ẹ ní: «Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ní ti 10,000 yẹn, ta ni yóò san án padà, ẹ̀yin àbí Ìyá Ìbejì?» Orúkọ ni yóò fi dáhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí ó kàn lo «wín», ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. «Yá», ohun tí a óò dá padà gan-an ni, bí aṣọ.

Olùkọ́ èdè: Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a ń wín ènìyàn lówó, a sì ń wín owó lọ́wọ́ ènìyàn. Ibi tó ti rú náà ló ṣì wà.

Aránṣọ: Èmi rí irú ẹ̀! Oníbàárà ní òun ń bọ̀ «nẹ́kísì tumọ́rò». Mo bi í pé, «Ẹ ò ní wá lọ́la?» Ó ní «yẹ́ẹ̀sì». Mo jókòó dè é lọ́jọ́ kejì, kò yọjú.

Olùkọ́ èdè: Ìbéèrè yín ló ní «kò» nínú. Tí Yorùbá bá ní «bẹ́ẹ̀ ni», ó ń gbà pé òótọ́ lẹ sọ: òun ò ní wá. «Yẹ́ẹ̀sì» lẹ́nu ẹlòmíràn lè jẹ́ pé òun ń bọ̀. Ẹ bi í ní orúkọ ọjọ́: «Ṣé Ọjọ́bọ̀ ni àbí Ọjọ́ Ẹtì?»

Ọmọ Ìjẹ̀bú: «Ta ni yóò san án» yẹn le létí àgbàlagbà. «Ọwọ́ ta ni owó náà bọ́ sí?» tutù jù ú lọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹni tó gbà á ti fi fún ẹlòmíràn ńkọ́? Ó lè dárúkọ ẹni kẹta fún mi.

Olùkọ́ èdè: Òótọ́ ni. Fún ìwé ẹgbẹ́, ẹni tí yóò san án ni mo ṣì fara mọ́. Tó bá jẹ́ ẹni tó jù yín lọ dáadáa, ẹ lè lo ti Ọmọ Ìjẹ̀bú, kí ẹ sì tún un bi kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.