Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ọwọ́ bàbá mi rù, ẹsẹ̀ wọn sì le. Kí ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí?

Ọmọ Aránṣọ, Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n, iṣẹ́ ìránṣọ ni wọ́n sì ń ṣe láti ìgbà èwe wọn. Ní nǹkan bí oṣù 14 sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àlùmọ́gàjí ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún àwọn, a sì rò pé àgbà ni. Nígbà tó yá, ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e jin wọnú, ẹran apá wọn sì ń fò lábẹ́ awọ bí ẹni pé kòkòrò ń rìn níbẹ̀. Láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ti le gbagidi, tí bàtà sì ń gbé wọn ṣubú. Kò sí ibi tó ń dùn wọ́n, bí a bá sì fọwọ́ kàn wọ́n níbikíbi, wọ́n ń mọ̀ ọ́n lára dáadáa.

Oníṣègùn tí a lọ bá fi òòlù kékeré kan orúnkún wọn, ẹsẹ̀ náà ta jáde bí ìgbà tí ẹṣin ta ìpá. Ó kàn án mọ́ apá tó ti rù yẹn náà, apá fò sókè. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n la ẹnu, kí wọ́n má yọ ahọ́n jáde, ó tan iná sí i, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ sínú ìwé ni ALS, ó sì sọ pé irú iṣan méjèèjì tí ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí ara ni ó ń kú.

Èyí tí kò yé mi ni bí àìsàn kan ṣoṣo ṣe lè mú kí ọwọ́ rọ kí ó sì rù, kí ó tún mú kí ẹsẹ̀ le. Àwòrán ọrùn tí a yà fi hàn pé eegun ọrùn wọn ti jẹ díẹ̀, nítorí náà àbúrò bàbá mi ní kí a kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn. Mo tún fẹ́ mọ bí àìsàn yìí ṣe máa ń lọ, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún mi.

Alhaji Kẹ́kẹ́, Ìlọrin

Ọmọ mi, ẹ gbọ́ ti àbúrò bàbá yín. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí gan-an nìyẹn: ọwọ́ rù, ẹsẹ̀ le, wọ́n sì ti sọ fún wa pé kò sí nǹkan tí a lè ṣe. Dókítà mìíràn ló wo àwòrán, ó ní eegun ọrùn ló ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, lónìí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí mọ́sálásí. Àwòrán kì í parọ́.

Ìyá Súkúrà, Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹsẹ̀ tèmi náà ń ta mí, ó ń jó mi bí iná lálẹ́, ìka ẹsẹ̀ mi sì ti kú tipiri, n kì í mọ̀ bí bàtà bá bọ́. Mo ní ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé àìsàn yìí náà ni?

Dókítà Olùfẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ìyá Súkúrà, tiyín kì í ṣe èyí. Àìsàn tí a ń sọ kì í mú ara kú tipiri, nítorí iṣan tí ń mú àṣẹ jáde ni ó ń bá jà, kì í ṣe èyí tí ń gbé ìmọ̀lára wọlé. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wo ṣúgà yín àti àtẹ́lẹsẹ̀ yín láìpẹ́, torí ọgbẹ́ tí a kò mọ̀ ni ó máa ń ba ẹsẹ̀ oníṣúgà jẹ́.

Ọmọ Aránṣọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò yé yín. Ojíṣẹ́ méjì ni àṣẹ ń gbà lọ́wọ́ wọn kí ó tó dé ara ẹran. Ojíṣẹ́ òkè ń sọ̀kalẹ̀ láti ọpọlọ wá sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ó sì ti ń fa iṣẹ́ lé ojíṣẹ́ ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, tí òun á wá jáde lọ bá ẹran apá tàbí ti ẹsẹ̀. Ojíṣẹ́ ìsàlẹ̀ yìí ni ó ń mú kí ẹran wà láàyè, débi pé bí ó bá kú, ẹran á rọ, á rù, á sì máa fò fúnra rẹ̀. Ti òkè ní iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: òun ni ó di ìjánu mú. Bí òun bá kú, ìjánu á já, ẹsẹ̀ á le, òòlù kékeré á sì mú un ta bí ẹ ṣe rí i. Nítorí náà, ọwọ́ tó rọ àti ẹsẹ̀ tó le kò ta ko ara wọn.

Apá tó rù tí ó sì tún fò sókè ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ó yẹ kí ẹran tó ti rù dákẹ́ bí a bá kan òòlù mọ́ ọn. Bí ó bá rù tí ó sì ń fò kíkankíkan, ó jẹ́ pé ojíṣẹ́ méjèèjì ni ó ń kú ní ibì kan náà. Charcot, dókítà kan ní Párísì, ni ó so méjèèjì pọ̀ tí ó sì sọ àìsàn náà lórúkọ ní ọdún 1874, títí di òní, òòlù yẹn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Alhaji kò parọ́ o. Eegun ọrùn tó jẹ lè tẹ ojíṣẹ́ ìsàlẹ̀ kí ọwọ́ rù, kí ó sì tẹ ti òkè tó ń kọjá lọ sí ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ le. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ya ọrùn àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ ó rí eegun tó jẹ lára ọ̀pọ̀ wọn tí nǹkan kan kò ṣe. Ahọ́n ni kò ṣeé fi ọrùn ṣàlàyé, nítorí láti ìdí ọpọlọ, lókè ọrùn, ni ojíṣẹ́ ìsàlẹ̀ tirẹ̀ ti jáde. Ó ní kí wọ́n má yọ ọ́ nítorí ahọ́n tí a yọ síta máa ń gbọ̀n, kódà lẹ́nu ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹ padà bi í pé kí ni ó rí lára ahọ́n náà, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ iná nínú ẹran ọwọ́, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti ahọ́n. Bí ẹran ibi tí ọrùn kò dé bá ti ń kú, iṣẹ́ abẹ ọrùn kò ní dá a dúró. Mo ti rí ẹni tó lo oṣù mélòó kan nínú ìwọ̀nba àkókò rẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ tí kò ṣe é láǹfààní.

Adéwálé Oníkọ̀ǹpútà

Àìsàn òyìnbó ni mo ka èyí sí tẹ́lẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù jù, Stephen Hawking ní in ní ọdún 1963, ó sì wà láàyè títí di 2018. Oògùn ti wà fún un náà.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ọkọ mi ni ó pa. Ti ọkọ mi kò bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́, ohùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí, ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí, àwọn ará ìjọ sì ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn. Ó máa ń bú sẹ́kún lórí ohun tí kò tó nǹkan, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín níbi òkú, ó ní kì í ṣe bí inú òun ṣe rí nìyẹn. Omi lásán ni ó kọ́kọ́ ń gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ tó ki ṣì ń lọ.

Wọ́n sọ fún wa pé kí a jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà oúnjẹ sí i níkùn, ó ní kò ì tó àkókò, èmi náà kò fẹ́. Nígbà tí a gbà, èémí rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé wọ́n ń bẹ̀rù láti fún un ní oògùn oorun. Oṣù 22 ni gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí ohùn lọ́. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n ti fipá mú un.

Dókítà Olùfẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ohun tí ẹ sọ nípa rọ́bà yẹn ṣe pàtàkì. A máa ń fẹ́ kí wọ́n fi í sí i kí agbára èémí tó lọ sílẹ̀ ju ìdajì ti ẹlẹgbẹ́ ẹni lọ, bí ẹni náà tilẹ̀ ṣì ń jẹun lẹ́nu. Ṣùgbọ́n alára ni ó ń yàn, ẹ má di ẹ̀bi ru ara yín.

Adéwálé, Hawking kò ju ẹni ọdún 21 lọ nígbà náà, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi. Kì í sì í ṣe àìsàn òyìnbó: ní ọdún 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa aláìsàn 92 tí wọ́n tọ́jú ní Nàìjíríà. Oògùn tó pẹ́ jù, rílúsóòlù, mìlígíráàmù 50 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wà láti 1995. Nínú ìdánwò tí a fi gbà á wọlé, nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta ni ó fi kún ẹ̀mí, a sì ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣọ́ ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń lò ó. Kò dá ohun tó ti bàjẹ́ padà.

Ọmọ Aránṣọ, ẹ ní kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ó sábà máa ń ti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rìn lọ sí ibi tó sún mọ́ ọn: láti ọwọ́ kan sí èkejì tàbí sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà, bíi ti bàbá yín, títí yóò fi dé ọ̀fun àti ẹran tí ń fa èémí. Ojú ṣì máa ń yí, ọ̀pọ̀ wọn sì ń mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Lẹ́yìn ìṣòro àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lo ọdún méjì sí márùn-ún. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ń kọjá ọdún mẹ́wàá, a kò sì lè fi ojú mọ ẹni náà níbẹ̀rẹ̀. Èémí ni ó sábà máa ń mú ẹ̀mí lọ.

Nítorí náà, èémí ni kí ẹ máa ṣọ́, pàápàá lóru. Ṣé bàbá ń sùn gbalaja? Ṣé orí máa ń fọ́ wọn bí wọ́n bá jí? Ṣé wọ́n ń tòògbé lọ́sàn-án?

Ọmọ Aránṣọ, Òṣogbo

Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ka ìbéèrè yín. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ń sùn lórí àga, wọ́n ní ooru ni. Orí ń fọ́ wọn láàárọ̀, bí ó bá di agogo mẹ́wàá á ti lọ, a sì ń ra oògùn ẹ̀fọ́rí. Àbúrò bàbá mi ti ní òun máa ra àgbá ọ́síjìn wá.

Dókítà Olùfẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ dá àgbá náà dúró ná. Kì í ṣe pé ẹ̀dọ̀fóró kò gba afẹ́fẹ́, agbára láti fẹ̀ àti láti sún ni ó ń dín kù, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó yẹ kí wọ́n mí jáde ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ lóru. Òun ló ń fọ́ orí. Ọ́síjìn nìkan lè mú kí ara túbọ̀ sinmi láti mí, kí èyí tó kó jọ wá pọ̀ sí i, kí wọ́n sì sùn má jí. Ẹ̀rọ tí ń fi ìbòmú ti afẹ́fẹ́ wọlé lóru ni a ń lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn èémí wọn lọ́sẹ̀ yìí, ní ìjókòó àti ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n sì wo ẹ̀jẹ̀. Bí èémí wọn bá kéré nídùbúlẹ̀ ju ti ìjókòó lọ, ẹran abẹ́ àyà ti ń rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá burú lójijì, tàbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rádaràda, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀rọ yẹn ran ọkọ mi lọ́wọ́ ju gbogbo oògùn lọ, ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n iná kì í lọ lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ wá bátìrì ńlá sí i kí ẹ tó gbé e wálé.

Alhaji Kẹ́kẹ́, Ìlọrin

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣì jẹ́ kí dókítà mìíràn wo àwòrán ọrùn yẹn.

Ọmọ Aránṣọ, Òṣogbo

A ń lọ wọn èémí wọn ní Ọjọ́bọ̀, màá sì bèèrè ọ̀rọ̀ ahọ́n àti ti abẹ́rẹ́ iná. Àbúrò bàbá mi ti gbà pé kí àgbá náà dúró, kò tíì gbà ti ọrùn. Bàbá fúnra wọn kò tíì mọ orúkọ àìsàn náà. Àná ni wọ́n ní kí n fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ fún àwọn, wọ́n sì bi mí pé ọdún mélòó ni ó kù tí ọmọ iṣẹ́ wọn yóò fi gba òmìnira. Mo ní méjì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ọ ní agbádá gígé ṣáájú ìgbà náà.