Ta ló ti pa ààlọ́ fọ́mọ ní èdè Sípéènì rí? Ìtàn ìjàpá àti ehoro ọlọ́gbọ́n

Ìyá Tọ́mi (Lágere, Ilé-Ifẹ̀)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá Tọ́mi ti wà ní Sípéènì láti ìgbà tí ọmọ yìí ṣì ń rá, ìwé tiwa náà sì ti ń lọ lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí Tọ́mi débẹ̀ kó wá máa wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Bàbá ẹ̀ bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìtàn kékeré kan ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ó ní kí n máa kà á fún un kó tó sùn. Òun nìyí:

*La tortuga tiene sueño, pero su casa está lejos.*
*La liebre es lista. Dice: «Tortuga, ¿dónde está tu casa?»*
*La tortuga dice: «Mi casa está allí, muy lejos.»*
*La liebre mira a la tortuga y se ríe.*
*«No, amiga. Tu casa está aquí. ¡Tu casa está en tu espalda!»*
*La tortuga entra en su casa. Cierra los ojos.*
*La liebre dice: «Buenas noches, tortuga.»*

Oorun ń kun ìjàpá, ó sì ń rò pé ilé òun jìnnà. Ehoro tó gbọ́n bi í pé ilé ẹ̀ dà, ó ní ọ̀hún lọ́hùn-ún ni. Ehoro wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yìn rẹ gan-an kọ́ nilé rẹ wà yìí? Ni ìjàpá bá kó wọ inú ìkarahun ẹ̀, ó sùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dùn mọ́ Tọ́mi o, àmọ́ ó ń béèrè orin ààlọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é tó fi wọ ọmọ létí?

Ọmọ Òṣómàáló (Iléṣà)
Ehoro wá gbọ́n ju ìjàpá lọ? Láti ìgbà wo? Ẹ sọ fún bàbá Tọ́mi kó tún un kọ.

Àbẹ̀kẹ́
Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti dé. Ẹ ò ní jẹ́ ká rí nǹkan gidi kọ́ lónìí.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ìyá Tọ́mi, ẹ bá mi kí bàbá Tọ́mi. Mo fi èdè yìí jẹun lọ́hùn-ún fọ́dún gbọọrọ kí n tó padà wálé, ẹni tó kọ ìtàn yìí mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé *está* ló ń bá *casa* rìn káàkiri. Gbogbo ibi tó ti ń sọ ibi tí nǹkan wà, *está* ló lò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lo *es*, ibi tó ti ní ehoro gbọ́n, torí ìwà ehoro nìyẹn, kò sí ohun tó fẹ́ yí i padà láàárọ̀ ọ̀la. Ohun tó máa ń da àgbàlagbà láàmú nínú kíláàsì nìyẹn, ọmọ á sì ti gbé e mì níbi tó sùn sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ẹ má ṣàlàyé ẹ̀ fún Tọ́mi rárá o.

Ní ti bí ẹ ṣe máa ṣe é, ẹ pa gbogbo ẹ̀ fún un ní Yorùbá lẹ́ẹ̀kan, kó mọ ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Sípéènì nìkan. Tẹ́ ẹ bá ń túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, Yorùbá ni etí ẹ̀ á máa dúró dè, kò ní gbọ́ èyí tó ṣáájú. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi túmọ̀. *Allí*, ẹ nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. *Aquí*, ẹ fọwọ́ lu ẹ̀yìn ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ka *«No, amiga. Tu casa está...»* tẹ́ ẹ dánu dúró, tó bá yín parí ẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn.

Kọ́lá Mọ́dákẹ́kẹ́
Tísà, ẹ ṣeun. Èmi náà ti ń kọ́ èdè yìí lórí fóònù. Mo kọ ọ̀kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lánàá, ìjàpá àti ehoro náà ni, àwọn méjèèjì fẹ́ sáré. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: *La tortuga es lenta. La liebre está lista.* Ọ̀kan náà kọ́ ni *es* àti *está* ń jẹ́?

Tísà Fẹ̀yìntì
Kọ́lá, ehoro tìẹ ti múra tán ni o, ìwọ ò tíì sọ pé ó gbọ́n. *Es lista*, ọlọ́gbọ́n ni. *Está lista*, ó ti ṣe tán, kí wọ́n kàn ní ó yá.

Àbẹ̀kẹ́
Ehoro ti wọ gèlè, ó ti gbé báàgì. Kọ́lá, ibo lò ń mú un lọ?

Ọmọ Òṣómàáló (Iléṣà)
Ṣé ẹ rí i? Àní ehoro ò gbọ́n.

Kọ́lá Mọ́dákẹ́kẹ́
Àmọ́ eré sísá ni wọ́n fẹ́ sá, ó sì ti múra eré. Ó ṣì bá ìtàn mi mu!

Tísà Fẹ̀yìntì
Ó bá a mu lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe ohun tó o ní lọ́kàn lo sọ.

Kọ́lá Mọ́dákẹ́kẹ́
Ó dáa. Ehoro tèmi akọ ni o. Ṣé *el liebre* ni kí n wá kọ?

Tísà Fẹ̀yìntì
Rárá. Akọ ni o, abo ni o, *la liebre* ni, *lista* náà ni á sì máa tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni *la tortuga*. Tó o bá fẹ́ *el* dandan, lọ mú *el conejo*, èyí tí wọ́n ń sìn nínú àgò, nígbà yẹn á di *listo*. Àwa ń pe méjèèjì ní ehoro, àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kó o sì yẹ àwòrán tó o fẹ́ fi hàn ọmọ wò dáadáa.

Màmá Ẹlẹ́ja
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìjàpá, ọmọ mi gbé ọ̀kan wálé láti oko lọ́sẹ̀ tó kọjá, kì í jẹ gààrí. Kí ni wọ́n ń fún un jẹ?

Ìyá Ìbejì (Iléṣà)
Màmá, ìtàn là ń sọ níbí o! Ẹ fún un ní ewé àti èso.

Ìyá Tọ́mi, ẹ gbọ́ tèmi. Àwọn ìbejì mi náà gbọ́ ìtàn báyìí lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin. Ibi tó ti le ni ẹnu. *Liebre* tí àwọn ará ibẹ̀ ń pín sọ́nà méjì pè, tiwa di «li-é-be-re», torí ahọ́n wa kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kanra láìfi fáwẹ́lì là wọ́n. *Tortuga* náà, r àárín ẹ̀ pòórá, ó di «tótúgà». Àbúrò mi ní ká máa pàtẹ́wọ́. *Lie-bre*, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Tí ọmọ bá pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti ki nǹkan bọ àárín nìyẹn. *Tor-tu-ga*, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kó sì pa ti àárín kíkankíkan, torí ibẹ̀ lohùn ń gbé dìde. Kẹ́hìndé tètè mú un. Táíwò ṣì ń pe «líébérè» dòní, ó ní bó ṣe dùn lẹ́nu òun nìyẹn. Mo fi í sílẹ̀.

Àgbà Ọ̀jẹ̀
Ohun tí ẹ ò sọ nìyí. *Dice* yẹn, ahọ́n gbọ́dọ̀ yọ sáàárín eyín níbi c. Ẹni tó bá pè é bíi «díse» ò gbọ́ Sípéènì. Wọ́n á fi ọmọ yẹn ṣẹ̀sín.

Ìyá Ìbejì (Iléṣà)
Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi ń bá àwọn ará Mẹ́síkò ṣiṣẹ́, «díse» ni gbogbo wọn ń pè é. Ṣé àwọn náà ò gbọ́ èdè ìyá wọn ni?

Tísà Fẹ̀yìntì
Méjèèjì ló tọ̀nà. Láti Mẹ́síkò títí dé Ajẹntínà, «díse» ni. Kódà apá gúúsù Sípéènì níbi tí mo gbé, ọ̀pọ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ibo gan-an ni bàbá Tọ́mi wà?

Ìyá Tọ́mi (Lágere, Ilé-Ifẹ̀)
Faléńsíà ni, sà.

Tísà Fẹ̀yìntì
Á jẹ́ pé bí Àgbà Ọ̀jẹ̀ ṣe wí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ ní kí bàbá ẹ̀ gbohùn ara ẹ̀ ránṣẹ́, kí ọmọ máa gbọ́ ọ láti ẹnu ẹ̀. Tí «díse» bá sì jáde lẹ́nu ẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ.

Àgbà Ọ̀jẹ̀
Mo ti sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́
Ìdajì lẹ sọ, sà.

Ọmọ Ilé Odùduwà
Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ Òṣómàáló yẹn, ó ń dùn mí lọ́kàn. Èdè Sípéènì náà mọ ìjàpá tiwa. Ní Kúbà, ìjàpá odò tí wọ́n ń pè ní *jicotea* ló ń ṣe màgòmágó nínú ìtàn wọn, bíi ti Àjàpá gẹ́lẹ́. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló gbé e débẹ̀. Lydia Cabrera, obìnrin Kúbà kan, kó irú àwọn ìtàn náà jọ, ó gbé ìwé jáde lọ́dún 1971, *Ayapá* ló sì fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìwé náà. Ẹ pè é dáadáa kẹ́ ẹ gbọ́ orúkọ tó jẹ́.

Kọ́lá Mọ́dákẹ́kẹ́
Hàn-ín. Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni tàbí ọ̀rọ̀ àwa ọmọ Ifẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo nǹkan ti ṣẹ̀?

Ọmọ Ilé Odùduwà
Orúkọ ìwé náà ni mo sọ fún ọ. Wá a lórí fóònù rẹ.

Ọmọ Òṣómàáló (Iléṣà)
Mo dúpẹ́. Ìyá Tọ́mi, ẹ ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ìjàpá ṣe bí ẹni tí kò mọlé ẹ̀, kí ehoro gbé e sẹ́yìn délé. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, kó wọ inú ìkarahun ẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín. Ìtàn gidi nìyẹn.

Ìyá Tọ́mi (Lágere, Ilé-Ifẹ̀)
Mo rẹ́rìn-ín títí! Mo máa fi ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀. Orin ńkọ́?

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹ má wá orin kiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa sọ *Había una vez*, h ẹ̀ ò dún rárá. Gẹ́gẹ́ bí Ààlọ́ o ni, odidi ni kó gbé e, ẹ má tú u sí wẹ́wẹ́. Tẹ́ ẹ bá parí, *Colorín colorado, este cuento se ha acabado*. Ohùn tó bára mu yẹn ló máa gba ipò orin, àwọn ọmọ ibẹ̀ gan-an mọ̀ ọ́n lórí.

Ìyá Ìbejì (Iléṣà)
Ẹ má kà á lọ́sàn-án ṣá o. Ìyá ọkọ mi bá wa níbi tí a ti ń pàtẹ́wọ́ *tortuga* ní agogo méjì ọ̀sán, ó ní ta ló ń pa ààlọ́ ní ojúmọmọ.

Àbẹ̀kẹ́
Èèwọ̀ yẹn ò dé Sípéènì jàre.

Àgbà Ọ̀jẹ̀
Èèwọ̀ ń bá èèyàn wọ bàlúù.

Kọ́lá Mọ́dákẹ́kẹ́
Tísà, ìbéèrè kan tó kù. *Cierra los ojos*. Kí ló dé tí wọn ò ní *sus ojos*? Ojú ta ni ìjàpá wá ń dì?

Ìyá Ìbejì (Iléṣà)
Kọ́lá, tí ìwọ bá fẹ́ sùn, ṣé «mo di ojú mi» lo máa ń sọ?

Màmá Ẹlẹ́ja
Ó jẹ ewé o! Ẹ ṣeun. Àmọ́ ó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò fẹ́ jáde.