Àbọ̀ lórí orúkọ tuntun fún iṣẹ́ ẹbí

"Iṣẹ́ tí bàbá wa dá sílẹ̀ ti gbòòrò kọjá orúkọ tó ń jẹ́. Báwo la ṣe máa yí i padà tí àwọn oníbàárà àtijọ́ ò fi ní sá?"

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Ibi tá a bá a dé rèé, kí n tó ti ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó ní ká pa orúkọ àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀, òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀: orúkọ méjì tó tóbi dọ́gba lórí pátákó máa ń rú èèyàn lójú. Àmọ́ ìmọ̀ràn ìyá tó ti ṣe é rí la mú: tuntun gàdàgbà lókè, "Lágbájá tẹ́lẹ̀" ní kékeré nísàlẹ̀, fún ọdún kan ó kéré tán, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn kan ń rajà.

Ọ̀rọ̀ owó ló léwu jù. Oníbàárà fẹ́ sanwó sí báńkì, ó rí orúkọ tí ò mọ̀ lórí àkáǹtì, ó rò pé gbájúẹ̀ ni, ó dáwọ́ dúró. Kí ẹni tí wọ́n mọ ohùn rẹ̀ pè wọ́n, láti orí nọ́ńbà àtijọ́, kí ìwé owó ọjà tó ní orúkọ tuntun tó dé ọwọ́ wọn. Ẹ má sì jọ̀wọ́ orúkọ àtijọ́ nínú ìwé ìjọba o, kí ẹlòmíì má baà gbà á.

Ẹni tó béèrè nípa yíyí orúkọ ara rẹ̀ padà, ìyẹn yàtọ̀ sí tiwa.

Bóyá ká fi orúkọ bàbá sílẹ̀ lára ọjà tó kọ́kọ́ tà, a ò tíì fẹnu kò.