Mo fi nọ́ńbà sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ wọ́n ṣe é lódì

Mọ́remí
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ kan. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn mẹ́sàn-án tó ń gba ọjà tí oníbàárà dá padà ní ilé ìkẹ́rùsí wa. Tẹ́lẹ̀, a kàn máa ń gbé páálí padà sórí pẹpẹ ni. Ní báyìí, a gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù orí fóònù, ká sì lẹ lébẹ́ẹ̀lì pupa mọ́ ọn, kó tó dé orí pẹpẹ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ímeèlì, mo fi nọ́ńbà sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí, páálí mọ́kànlá ni wọ́n ti lẹ lébẹ́ẹ̀lì bo nọ́ńbà wọn mọ́lẹ̀ láì tíì kọ ọ́ síbì kankan. Èékánná la fi ń ha á kúrò. Ìgbésẹ̀ tó dá wàhálà náà sílẹ̀ nìyí, mo yí i sí Yorùbá fún yín:

"3. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì pupa mọ́ páálí lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì gbé e lọ sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, àfi tó bá ti fọ́."

Lójú tèmi, ó yé èèyàn. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Dàpọ̀
Àǹtí Mọ́remí, bí ẹ bá ń kọ ímeèlì sí èèyàn mẹ́sàn-án, ẹ fi àdírẹ́sì wọn sí àyè tí ẹnì kan ò ti ní rí ti ẹnìkejì. Wọ́n bá mi wí lórí ìyẹn rí.

Mọ́remí
O ṣé, àbúrò mi, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kọ́ ni ìṣòro mi. Gbogbo wọn ló rí ímeèlì náà gbà, wọ́n tún kà á.

Ẹ̀gbọ́n Láyí
Mọ́remí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ wa, mo sì ti ṣe àṣìṣe yìí gan-an rí. Àwọn èèyàn rẹ kò ṣàìgbọràn. Ohun tí gbólóhùn rẹ kọ́kọ́ sọ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tí páálí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kàwé dé òpin kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó rí "ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì", ó gbójú kúrò lára fóònù, ó lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa padà wá rí "lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà", nọ́ńbà ti wọ abẹ́ lébẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tò bí iṣẹ́ ṣe tò. Níbikíbi tí o bá ti rí "lẹ́yìn tí" tàbí "kí ẹ tó" láàárín gbólóhùn, dúró kí o wò ó bóyá ohun tó yẹ kó ṣíwájú ló gbẹ̀yìn.

"Àfi tó bá ti fọ́" tún burú ju ìyẹn lọ. O fi sí ìparí, nígbà tí ẹni náà ti gbé nǹkan tó fọ́ dé orí pẹpẹ. Ohun tó lè dá iṣẹ́ dúró, iwájú ni kó wà, kí ọwọ́ tó kan páálí rárá.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ mẹ́ta lo kó sábẹ́ nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà náà ni èèyàn fi ń rántí ibi tó dúró sí nígbà tó bá wo páálí tó tún padà wo fóònù. Bó bá padà dé orí 3, èwo nínú mẹ́ta náà ló ti ṣe?

Kọ́lápọ̀
Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn! Ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni mo kọ fún àwọn tèmi: ẹ mú fóònù jáde, ẹ ṣí i, ẹ tẹ ibi báyìí, ẹ dúró. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kò sí ibi tí àṣìṣe fẹ́ gbà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Láyí
Kọ́lá, o gbà á dé ìdajì ọ̀nà. Iṣẹ́ kan fún nọ́ńbà kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ bí a ṣe ń ṣí fóònù? Bí èèyàn bá rí ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, á fo ìkẹrin náà, ìkẹrin yẹn gan-an ló sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tuntun tí o fẹ́ kó rí. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ àtijọ́ dáadáa ni kí o kọ ọ́ fún. Ohun tó mọ̀, fi gbólóhùn kan kọjá rẹ̀. Ibi tó yí padà ni kí o ti rọra. Bó bá ṣì gùn ju mẹ́wàá lọ, wá ibi tí iṣẹ́ ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí o pín in sí méjì níbẹ̀.

Kọ́lápọ̀
Wọ́n ń ṣe tèmi dáadáa o, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tuntun ló pọ̀ nínú wọn, bóyá ìyẹn ló fà á.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí èmi ni wọ́n ń kọ irú ímeèlì yìí sí. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo wà, ṣíìfù òru ni mo máa ń ṣe. Ọ̀gá wa á kọ "ẹ wo ìwé tí mo so mọ́ ọn", fóònù ibi iṣẹ́ kò sì ní ṣí i. Aago méjì òru, ta ni mo fẹ́ pè? Inú ímeèlì fúnra rẹ̀ ni kí ìgbésẹ̀ wà.

Èkejì, ó kọ pé "ẹ lè yẹ okùn ẹ̀rọ ìgbénidìde wò kí ẹ tó lò ó". Èmi rò pé bó bá wù mí ni. Ó ku díẹ̀ kí okùn já mọ́ màmá kan lábẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ ẹnìkejì mi tó tètè rí i. Ohun tó jẹ́ dandan, ẹ má pè é ní "ẹ lè".

Ó tún kọ pé "a óò máa ti yàrá oògùn láago mẹ́wàá". Ta ni "a"? Àwọn ṣíìfù ìrọ̀lẹ́ rò pé àwa ni, àwa rò pé àwọn ni. Ṣíṣí ló wà di ọjọ́ kejì.

Mọ́remí
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọ̀rọ̀ "ẹ lè" yẹn bà mí, nítorí mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú ti tèmi. Àwọn tó jù mí lọ wà láàárín àwọn tí mò ń darí, ló jẹ́ kí n máa fi "ẹ jọ̀wọ́" rọ gbogbo rẹ̀ lójú.

Ẹ̀gbọ́n Láyí
Fi ẹ̀bẹ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀kan, kó kárí gbogbo rẹ̀. Nínú ìgbésẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni kó ṣíwájú: wo, tẹ, lẹ, gbé. Ìyẹn ni ojú ń wá.

Bísí
Mi ò fara mọ́ ìyẹn tán, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, wọ́n lọ sọ fún máníjà pé mò ń pàṣẹ fún àwọn bí ọmọdé. Láti ìgbà náà, mo ń fi "ẹ jọ̀wọ́" sí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn.

Ẹ̀gbọ́n Láyí
O mọ àwọn èèyàn rẹ jù mí lọ. Ṣá má jẹ́ kó wà nínú ìgbésẹ̀ tó lè ṣe èèyàn léṣe.

Mọ́remí
Mo tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó.

Àkọlé: Ọjà ìdápadà, ìlànà tuntun láti Mọ́ńdè

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá gba páálí lọ́wọ́ awakọ̀ ni yóò ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, kó tó gba òmíràn. Ẹ mú fóònù iṣẹ́ àti lébẹ́ẹ̀lì pupa dání.

1. Ẹ wo páálí yíká láì tíì gbé e. Bó bá ti fọ́ tàbí tó ń jò, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ pè mí, kí ẹ dúró.
2. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù Ìdápadà.
3. Ẹ tẹ nọ́ńbà ara páálí sínú àyè àkọ́kọ́.
4. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́. Àmì àwọ̀ ewé yóò jáde. Bí kò bá jáde, ẹ padà sí 3.
5. Ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì pupa sí òkè páálí, níbi tí kò ti ní bo nọ́ńbà.
6. Ẹ gbé páálí sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Láyí
Èyí dára. Àmì àwọ̀ ewé yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó ń ṣe é á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé òun ti ṣe é yọrí. Ṣùgbọ́n bí àmì náà kò bá tún jáde lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Wọ́n á máa yí po láàárín 3 àti 4 ni. Fún wọn ní ọ̀nà àbájáde.

Ṣọ́ra pẹ̀lú "ẹ padà sí 3" yẹn. Bí o bá fi ìgbésẹ̀ kan kún un lọ́la, ẹ̀rọ lè yí àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n 3 tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kò ní yí. Á wá máa tọ́ka sí ibòmíràn. Fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ, torí àwọn tí ẹ̀rọ ń tò lè pòórá bí wọ́n bá dà á kọ síbòmíràn. Fi ránṣẹ́ sí ara rẹ ná, kí o ṣí i lórí fóònù.

Lẹ́yìn náà, fún ẹnì kan tí kò sí ní ìpàdé yín. Dúró sẹ́yìn rẹ̀, má sọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti bojú wẹ̀yìn wò ọ́, ibẹ̀ ni kí o tún kọ.

Mọ́remí
Mo ti ṣe é lónìí. Ìgbésẹ̀ 3 ló ti bojú wẹ̀yìn. Nọ́ńbà méjì ló wà lára páálí, ti àwọn tó gbé e wá àti tiwa! Mi ò tilẹ̀ rí ti àwọn agbérù mọ́, ojú mi ti mọ́ ọn lára. Mo ti yí i padà sí "ẹ tẹ nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà R". Ìparí 4 ti di "bí kò bá tún jáde lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé tó wà lórí tábìlì, kí ẹ tó lọ sí 5". Ṣé kí n fi àwòrán sí i?

Bísí
Fi sí i, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà lè dá dúró láìsí i. Fóònù mìíràn kì í fi àwòrán inú ímeèlì hàn àfi bí ẹni tó ni ín bá gbà á láyè.

Mọ́remí
Ẹ kú alẹ́ o. Mọ́ńdè ti kọjá. Páálí mẹ́rìnlá wọlé, mẹ́tàlá ló lọ geere. Ìkẹrìnlá, ẹni tó gbà á ti wà ní ìsinmi, ó wá ímeèlì náà lórí fóònù rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ló sì ṣí. Ó lẹ̀ ẹ́ bo nọ́ńbà.

Ẹ̀gbọ́n Láyí
Kọ déètì sínú àkọlé, kí o sì sọ ní ìlà àkọ́kọ́ pé èyí ló rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n pa ìyẹn rẹ́. Bí o bá tún yí ohunkóhun padà, gbogbo rẹ̀ pátá ni kí o tún fi ránṣẹ́, má kọ pé "ìgbésẹ̀ 4 ti yí padà" nìkan.

Kọ́lápọ̀
Kí ló dé tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri? Ògiri kan ṣoṣo ni, kò sí ti àtijọ́.

Ìyá Ìbejì
Ó wà lára ògiri tiwa o, Kọ́lápọ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ èyí tó jẹ́ tuntun.