Ṣé ká máa ka ọjà díẹ̀díẹ̀ ni, àbí ká dúró de Disẹ́ńbà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ sitọ́ọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan bí 2,400 oríṣi ẹ̀yà ara mọ́tò ló wà lọ́wọ́ wa n'Íbàdàn. Ní Disẹ́ńbà, a máa ń tìlẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta ká lè kà á tán. Lọ́dún tó kọjá, bẹ́árìn méjìdínlógójì ò sí níbẹ̀; ta ló fẹ́ rántí oṣù tí wọ́n sọnù?

Mo wá ní ká máa ka àwọn ọjà olówó ńlá lóṣooṣù, kí nọ́ọ̀tì àti wáṣà dúró di ìparí ọdún. A dán an wò: ìyàtọ̀ 6 jáde, àmọ́ 5 nínú rẹ̀ jẹ́ ẹrù tó jáde láàárọ̀ tí wọn ò tíì kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣé ká máa kà á kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni? Ọ̀gá sì ń bẹ̀rù ọ́dítọ̀. Ta ni ọ́dítọ̀ rẹ̀ ti gba kíkà lóṣooṣù yìí, tí wọn ò tìlẹ̀kùn ka gbogbo ọjà ní Disẹ́ńbà mọ́?